Oògùn Tí Kò Tó, Oògùn Tí Kò Yẹ

Ẹ mú ìgò síráàpù amọsisílíìnì ọmọdé tí ó wọ́pọ̀ ní kẹ́míìsì, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ ó rí i pé ṣíbí kékeré kan, ìyẹn mílílítà 5, ní mílígíráàmù 125 nínú, àti pé bí wọ́n bá ti po omi mọ́ ọn, ìgò náà á kún dé mílílítà 100. Ṣíbí 20 ló wà níbẹ̀, gbogbo oògùn inú ìgò sì jẹ́ mílígíráàmù 2,500. Wàyí o, ká sọ pé ọmọ ọdún kan àtààbọ̀ ní òtútù àyà, a sì fẹ́ tọ́jú rẹ̀ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe là á sílẹ̀. Mílígíráàmù 500 ni yóò lò láàárọ̀, 500 lálẹ́, fún ọjọ́ 5. 5,000 nìyẹn. Ìdajì rẹ̀ péré ló wà nínú ìgò kan.

Bẹ́ẹ̀, ìgò kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ìyá ń rà, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń lò. Oní kẹ́míìsì ní kí ó máa fún ọmọ ní ṣíbí kan lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ìyá wà lọ́jà lọ́sàn-án, ọmọ ń sùn, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni oògùn ń kan ọmọ lẹ́nu. Mílígíráàmù 250 ló ń gbà lóòjọ́ níbi tó yẹ kó ti gba 1,000. Nígbà tó bá di ọjọ́ kẹta, ara ọmọ á balẹ̀ díẹ̀, ìyá á dé ìgò, á gbé e sórí pẹpẹ, á máa dúró de ẹlòmíràn nínú ilé tí yóò tún wúkọ́.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera tí ẹ ń wọ agbolé, tí ẹ ń jókòó ní ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé, tí àwọn ìyá ń pè ní nọ́ọ̀sì bí ẹ tilẹ̀ ní kí wọ́n má pè yín bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá wo ohun tí irú ìlò yìí ń ṣe fún kòkòrò àrùn. Wọ́n ti kọ́ wa pé kí aláìsàn lo oògùn tán, ọ̀rọ̀ náà sì dára. Ṣùgbọ́n kò ju ìdá kékeré lọ nínú ọ̀rọ̀ náà, àwọn kan sì ti ń gbọ́ ọ lódì.

Kòkòrò tí ó sábà máa ń fa òtútù àyà tó le lára ọmọdé ni wọ́n ń pè ní niumokọ́kọ́ọ̀sì. Kì í ṣe ìgbà àìsàn nìkan ló ń wà lára ènìyàn. Inú imú àti ọ̀nà ọ̀fun ló fi ṣe ilé, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn dá ṣáká ló sì ń gbé e kiri tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ohun tí amọsisílíìnì ń ṣe fún un ni pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn irinṣẹ́ tí kòkòrò náà fi ń mọ ògiri ara rẹ̀. Bí ògiri kò bá ti ṣe é mọ mọ́, kòkòrò á bẹ́, á kú. Àmọ́ nínú ọ̀kẹ́ àìmọye kòkòrò tó wà nínú imú kan, díẹ̀ lè wà tí irinṣẹ́ wọn yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, tí oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́. Àwọn wọ̀nyí kò tíì kọjá agbára oògùn. Bí oògùn bá pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, ó ṣì máa ká wọn. Bí ó bá kéré ni wàhálà dé: á pa àwọn tí kò lágbára, á fi àwọn wọ̀nyí sílẹ̀, gbogbo imú náà á sì di tiwọn. Niumokọ́kọ́ọ̀sì tún máa ń gba àbùdá tó bá já bọ́ lára kòkòrò mìíràn tó ti kú, á sọ ọ́ di ti ara rẹ̀. Báyìí ni agídí rẹ̀ ṣe ń ga sí i díẹ̀díẹ̀, láti orí èyí tí oògùn púpọ̀ lè ṣẹ́gun títí dé orí èyí tí oògùn kì í ràn mọ́.

Ìwádìí kan wà tí mo máa ń fẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ ìlera mọ̀. Ìlú Santo Domingo, olú ìlú orílẹ̀-èdè Dòmíníkánì, ni wọ́n ti ṣe é, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 2001. Àwọn ọmọdé tí wọ́n ní àìsàn ọ̀nà èémí, tí dókítà sì ti kọ oògùn apakòkòrò fún, ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan gba amọsisílíìnì mílígíráàmù 90 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, fún ọjọ́ 5. Apá kejì gba 40 fún kílò kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, fún ọjọ́ 10. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, àpapọ̀ oògùn tí ọmọ méjèèjì gbé mì kò jìnnà síra: 450 ní apá kan, 400 ní apá kejì. Bí wọ́n ṣe pín in ló yàtọ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, wọ́n yẹ imú àwọn ọmọ náà wò. Nínú 100 ọmọ tó lo èyí tó pọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, 24 ló ní niumokọ́kọ́ọ̀sì tí pẹnisílíìnì kò fi bẹ́ẹ̀ ràn. Nínú 100 tó lo èyí tó kéré fún ọjọ́ púpọ̀, 32 ni. Àwọn òbí tí tiwọn jẹ́ ọjọ́ 5 tún lo oògùn náà pé ju àwọn ti ọjọ́ 10 lọ, èyí tí kò ní ya ìyá kankan lẹ́nu.

Ohun tí èyí fi hàn ni pé fífa oògùn gùn kọ́ ló ń dènà agídí. Oògùn díẹ̀ tí a fà gùn gan-an ló ń kó kòkòrò alágídí jọ. Nítorí náà, ìyá tó bá bẹ̀ yín pé kí ẹ fi ọjọ́ méjì mìíràn kún un kí àìsàn náà lè kúrò tán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn létí, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ gbà fún un. Kì í sì í ṣe ìlànà tó le koko bí irin ni ọjọ́ 5 fúnra rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé níbi tí kòkòrò éèdì kò bá ti wọ́pọ̀, ọjọ́ 3 lè tó fún òtútù àyà tí kò kọjá mímí kíákíá. Ẹ tẹ̀ lé èyí tí ìwé ìlànà yín bá kọ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Oògùn oríṣiríṣi ni wọ́n ń lò pọ̀ fún un fún ọ̀pọ̀ oṣù, bí ènìyàn bá sì gé e kúrú, kòkòrò inú ẹ̀dọ̀fóró gan-an ló máa di alágídí.

Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní gbogbo ìyá ń lo oògùn bó ṣe yẹ, ní iye tó yẹ, fún ọjọ́ tó yẹ. Ìdí kan ṣì wà tí agídí yóò fi máa pọ̀, òun ni mo sì kà sí èyí tó burú jù: oògùn tí kò yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, àwọn onímọ̀ nípa kòkòrò àrùn, tí Iruka Okeke wà lára wọn, yẹ kòkòrò inú ìgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò ní ọdún 1986, 1988, 1990, 1994 àti 1998. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí kò ṣàìsàn. Kòkòrò tí wọ́n yẹ̀ wò ni í-kólì, èyí tó ń gbé inú ìfun gbogbo wa láìṣe wá ní ibi. 758 ni iye tí wọ́n kó jọ. Wọ́n fi oògùn dán wọn wò, lára rẹ̀ ni tẹtirasáíkíììnì, ampisílíìnì, kilorafẹníkọ̀ọ̀ àti sitirẹputomáísìn. Ní 1986, ìwọ̀n àwọn tí oògùn mẹ́rin wọ̀nyí kò ràn wà láàárín 9 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún, bí oògùn bá ṣe rí. Ní 1998, ó ti di 56 sí 100. Ọdún méjìlá péré ló wà láàárín wọn.

Kò sí ẹni tó ń fi tẹtirasáíkíììnì wá í-kólì inú ìfun ara rẹ̀ kiri. Ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú, tàbí tí inú ń run, ló lọ ra kápúsù pupa àti yẹ́lò ní kẹ́míìsì. Ọ̀fìnkìn náà, fáírọ́ọ̀sì ló fà á, oògùn apakòkòrò kì í sì í ṣe fáírọ́ọ̀sì ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n oògùn tó ti wọ ikùn kò lè jókòó lásán. Á gba inú ìfun kọjá, á pa àwọn kòkòrò tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, àwọn tó bá lágídí á sì ṣẹ́kù, bí ìgbà tí àgbẹ̀ bá ń fọ́n oògùn kan náà sí koríko lọ́dọọdún títí tó fi jẹ́ pé èyí tí oògùn náà kì í pa ló gba gbogbo oko. Í-kólì alágídí yìí kò ní ṣe ẹni tó gbé e ní nǹkan kan lónìí. Àmọ́ àbùdá agídí náà sábà máa ń wà lórí òrùka kékeré kan tí kòkòrò lè fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà rẹ̀. Bí kòkòrò ìgbẹ́ ọ̀rìn tàbí ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun bá wọ inú ìfun bẹ́ẹ̀, agídí ti wà nílẹ̀ tó lè gbà.

Ìdí nìyí tí oògùn tí a fún ọmọ tí kò nílò rẹ̀, bí ó tilẹ̀ lò ó pé pérépéré, fi jẹ́ àṣìlò. Ọmọ tó ń yàgbẹ́ olómi tí kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, omi oníyọ̀ àti ṣúgà ti inú ṣáṣẹ́ẹ̀tì àti síǹkì ló nílò. Èyí tó le láti pinnu ni ọ̀rọ̀ ikọ́, torí pé ọmọ tó ní òtútù àyà àti ọmọ tó ní ọ̀fìnkìn lásán lè wọlé wá pẹ̀lú ikọ́ kan náà àti ara gbígbóná kan náà.

Èémí ni ẹ ó fi yà wọ́n. Kí ìyá gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, kí ó má fún un lọ́yàn lọ́wọ́, kí ọmọ má sunkún. Bí ó bá ń sunkún, ẹ dúró títí yóò fi dákẹ́. Ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè kí ẹ lè rí ikùn àti àyà. Ẹ wo aago, kí ẹ ka iye ìgbà tí ikùn gbéra sókè fún odidi ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ka ìdajì ìṣẹ́jú kí ẹ wá sọ ọ́ di méjì, torí èémí ọmọdé kì í lọ déédéé: á sáré díẹ̀, á dúró díẹ̀, àṣìṣe kékeré inú ìdajì ìṣẹ́jú á sì di ìlọ́po. Fún ọmọ oṣù méjì sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, 50 sókè ni mímí kíákíá. Fún ọmọ ọdún kan sí ọmọ tí kò tíì pé márùn-ún, 40 sókè ni. Bí iye tí ẹ kà bá sún mọ́ ààlà, ẹ tún un kà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìsàlẹ̀ ìhà rẹ̀. Bí ó bá ń wọnú nígbà tí ọmọ ń fa èémí sínú, tàbí tí ọmọ kò lè mu ọmú, tó ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ, tí gìrì mú un, tàbí tó sùn lọ tí kò ṣe é jí, ẹ̀yin tí ẹ wà ní àdúgbò kò ní dá a tọ́jú. Ilé ìwòsàn ni, kíákíá. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà pẹ̀lú, kí ẹ má fi ọ̀kan dípò èkejì.

Kíka èémí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ibà nìkan lè mú kí ọmọ máa mí kíákíá. Ní orílẹ̀-èdè Màláwì, wọ́n fún àwọn ọmọ kan tí èémí wọn yá ní amọsisílíìnì, wọ́n fún àwọn mìíràn ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, wọ́n sì ń ṣọ́ gbogbo wọn tọwọ́tẹsẹ̀. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2018. Ìtọ́jú kò ṣiṣẹ́ fún 7 nínú 100 ọmọ tí kò gba oògùn gidi, àti fún 4 nínú 100 tó gbà á. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ì bá san láìlo oògùn. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta tó wà láàárín 4 àti 7 yẹn, ọmọ ènìyàn ni wọ́n, a kò sì mọ ojú wọn láàárín àwọn yòókù. Nítorí náà, ọmọ tí èémí rẹ̀ bá yá, ẹ fún un. Ọmọ tí èémí rẹ̀ kò yá, ibẹ̀ lẹ lè ti di oògùn mú láìbẹ̀rù, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ìyá ti máa ń bá yín jiyàn jù.

Ká ní ẹ ka èémí ọmọ ọdún kan àtààbọ̀ kan, tí ó jẹ́ 34.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ ò wá ní fún un ní oògùn ni? Ọ̀kadà ni mo gùn wá o, ikọ́ yìí ò jẹ́ ká sùn lánàá.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Dámi, ẹ kú àìsùn. Ẹ̀yin náà wo ikùn rẹ̀ pẹ̀lú mi. Ẹ rí i pé kò sáré. Ikọ́ yìí kò tíì dé inú àyà, amọ̀sì kò sì ní mú un tètè lọ.”

“Ìyá ọkọ mi ní tí n kò bá gba amọ̀sì, mi ò tíì wá síbí.”

“Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ sọ fún wọn pé mo yẹ ọmọ wò dáadáa. Ẹ máa fún un lọ́yàn lemọ́lemọ́, ẹ po oyin díẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún un, ó ti ju ọdún kan lọ, kò léèwọ̀. Ẹ máa ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè láàárọ̀ àti lálẹ́ kí ẹ wo èémí rẹ̀ bí mo ṣe wò ó yìí. Bí ó bá ń mí gúlegúle, bí ìhà bá ń wọnú, bí kò bá fẹ́ mu ọmú, ẹ gbé e wá, ì báà ṣe òru.”

Ìyá tó bá rí èémí ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, tó mọ ohun tó yẹ kó dá a padà wá, kì í sábà bínú lọ. Ẹni tí wọ́n kàn sọ fún pé kò nílò oògùn láìfọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ ló máa ń yà sí kẹ́míìsì lójú ọ̀nà.

Ká wá ní iye tí ẹ kà jẹ́ 52. Hóró amọsisílíìnì 250 tó ń yọ́ nínú omi ni ẹ ó lò. Hóró méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, fún ọjọ́ 5: 20 hóró, ìyẹn páálí pẹlẹbẹ méjì tó ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún kan, hóró kọ̀ọ̀kan ni, páálí kan. Ibi tí mo ti ń rí àṣìṣe jù nìyí. Oògùn kù díẹ̀ ní ibùdó, òṣìṣẹ́ sì ṣàánú, ó pín páálí méjì ọmọ ọdún kan àtààbọ̀ fún ọmọ méjì. Àánú ló pè é, ṣùgbọ́n ìdajì oògùn ló fún ọmọ méjèèjì, a sì ti rí ohun tí ìdajì oògùn ń ṣe nínú imú. Bí èyí tó wà nílẹ̀ bá jẹ́ ti ọmọ kan, ẹ tọ́jú ọmọ kan pé, kí ẹ kọ ìwé lé èkejì lọ́wọ́ lọ síbi tó ti máa rí i gbà lọ́jọ́ náà.

Ìwọ̀n àkọ́kọ́, ojú yín ni kí ìyá ti fún un: hóró méjì nínú ṣíbí, omi mímọ́ díẹ̀, kó yọ́ tán kó tó kan ọmọ lẹ́nu. Bí ọmọ bá bì í láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ tún un fún un. Kí ẹ sì sọ ìdí tí kò fi gbọ́dọ̀ ku hóró kankan: hóró mẹ́fà tó bá ṣẹ́kù sínú àpò ìyá ni yóò di oògùn ọ̀fìnkìn ẹ̀gbọ́n lóṣù tó ń bọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kò ní tó, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó lò ó rárá.

Ọjọ́ kẹta ni kí ó padà wá, kí ó mú páálí oògùn dání. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, tí ó sì ti fún un ní ti àárọ̀ ọjọ́ kẹta kó tó kúrò nílé, hóró mẹ́wàá ló yẹ kó ti tán: páálí kan ṣófo, a kò tíì já èkejì. Bí èyí tó kù bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ láìbá a jà, torí bí ẹ bá pariwo, lọ́jọ́ mìíràn á ju hóró tó kù nù kó tó wá. Ẹ tún èémí kà. Bí ó bá ti wá sísàlẹ̀, tí ọmọ sì ń jẹun, kó máa lo èyí tó kù lọ títí ọjọ́ 5 á fi pé. Bí èémí bá ṣì yá bíi ti àkọ́kọ́, tí páálí àkọ́kọ́ sì ṣófo bó ṣe yẹ, a jẹ́ pé oògùn dé ara ọmọ, kò kàn ràn ni. Ẹ má sáré fi asitiromáísìn tàbí sipirofulọ́kísásìn rọ́pò rẹ̀ láti inú kọ́bọ́ọ̀dù yín. Ó lè jẹ́ kòkòrò alágídí, ó lè jẹ́ fáírọ́ọ̀sì, ó lè jẹ́ omi tó ti dá sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ẹ kọ ìwé sí dókítà: orúkọ oògùn, hóró mélòó ló lò, ọjọ́ àti àkókò tó bẹ̀rẹ̀, iye èémí ọjọ́ kìn-ín-ní àti ti ọjọ́ kẹta, kí ẹ sì so páálí tó ṣófo náà mọ́ ọn.